Bí ẹni mẹ́ta ṣe ń dúnàádúrà bí ẹnì kan

Ní Ọjà Olúwo l'Ẹ̀pẹ́, obìnrin tó ń ta ẹja lè dá ná ọjà pẹ̀lú oníbàárà tó fẹ́ ra agbọ̀n kan, kó sì jèrè. Ṣùgbọ́n ká ní ilé ìtura kan láti Lẹ́kkí wá sọ pé àwọn fẹ́ máa gba ọgọ́rùn-ún kílò ẹja àrọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Iye owó nìkan kọ́ ló wà nílẹ̀ mọ́. Ọjọ́ ìsanwó wà níbẹ̀, owó yìnyín àti owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó máa fara gbá a bí ẹja bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà náà wà níbẹ̀. Ó ṣòro kí ẹnì kan ṣoṣo máa sọ̀rọ̀, kó máa kọ̀wé, kó sì tún máa wo ojú àwọn tó jókòó síwájú rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́ja rán ẹni mẹ́ta lọ: agbẹnusọ, akọ̀wé àti olùwòye.

Agbẹnusọ nìkan ló ń dárúkọ owó. Bí ẹlòmíì nínú wọn bá ṣèèṣì sọ iye tó kéré sí tirẹ̀, iye yẹn làwọn oníbàárà máa dì mú. Ibi tó ti máa ń nira ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Bí àgbà bá jẹ́ agbẹnusọ, ta ni nínú àwọn ọmọ máa dá a dúró lójú àlejò bó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ? Ó dára kí àgbà jẹ́ olùwòye. Bí oníbàárà bá wá kọjú sí i pé, "Màmá, ẹ bá wa dá sí i o," ìdáhùn rẹ̀ kò ju pé: "Ẹni tá a fọ̀rọ̀ lé lọ́wọ́ nìyẹn."

Akọ̀wé ń pín ojú ìwé rẹ̀ sí méjì: apá kan fún ohun tí wọ́n sọ, apá kejì fún ohun tí wọ́n jọ gbà. Ohun tí wọ́n kàn sọ kò gbọdọ̀ ṣí lọ sí apá kejì àfi tó bá kà á sókè, tí tọ̀tún-tòsì sì ní bẹ́ẹ̀ ni.

Olùwòye kì í sọ̀rọ̀, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ló sì jẹ́ kó rí ohun tí agbẹnusọ kò lè rí. Ká ní àwọn ẹlẹ́ja ń bèèrè ₦6,000 lórí kílò kan, wọ́n sì fẹ́ gba owó wọn láàárín ọjọ́ 7. Ilé ìtura ní ₦5,000, lẹ́yìn ọjọ́ 30. Nígbà tí wọ́n ń fa iye owó, oníṣirò owó ilé ìtura kàn ń tẹ ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe dárúkọ ọjọ́ 7, ó dáwọ́ dúró, ó wo ọ̀gá rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré lè jẹ́ àkọsẹ̀bá. Nígbà tó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì lórí ọ̀rọ̀ kan náà, olùwòye mọ̀ pé ọjọ́ ìsanwó ló ń dùn wọ́n ju iye owó lọ. Lásìkò yẹn gan-an, agbẹnusọ fẹ́ já owó wálẹ̀ sí ₦5,300 kó lè rí ọjọ́ 7 gbà. Olùwòye rọra dojú ìwé rẹ̀ délẹ̀.

Àmì nìyẹn: dúró, má yọ̀ǹda nǹkan kan sí i. Àmì kejì ni pé kó béèrè omi, ìyẹn ni pé ká jáde. Méjì tó. Àmì mẹ́wàá a máa da orí rú. Àmì tó dára ni èyí tí kì í ṣàdédé ṣẹlẹ̀, tí kò sì ya àlejò lẹ́nu. Ikọ́ kò dára, nítorí ikọ́ lè gbéni lóòótọ́. Fífojú sọ̀rọ̀ burú jù, nítorí ojú tí ìyá fi ń bá ọmọ wí níwájú àlejò ni wọ́n fi tọ́ àwọn oníbàárà náà dàgbà. Sísọ èdè Ìjẹ̀bú láàárín ara wọn kò fi nǹkan kan pa mọ́, ó tún lè bí àlejò nínú. Fóònù tó ń dún lórí tábìlì náà ń tú àṣírí.

Agbẹnusọ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí olùwòye mọ̀ pé òun ti rí àmì náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ olùwòye á máa tún un ṣe títí gbogbo ilé á fi rí i. Èsì rẹ̀ lè jẹ́: "Akọ̀wé, ẹ bá wa ka ibi tá a dé." Bí akọ̀wé ṣe ń kà á, ó hàn pé kò sẹ́ni tó tíì sọ ẹni tó máa san owó yìnyín. Olùwòye béèrè omi, wọ́n sì jáde.

Níta ni wọ́n ti ṣírò. Bó bá jẹ́ ₦5,500 lórí kílò kan, ẹja ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ ₦550,000. Bí ìsanwó bá di ọjọ́ 30, ó kéré tán ẹrù ọ̀sẹ̀ mẹ́rin á wà níta láìsanwó, ìyẹn ₦2,200,000. Bó bá jẹ́ ọjọ́ 14, á di ₦1,100,000, owó tí ẹgbẹ́ lè fara dà. Wọ́n padà wọlé, agbẹnusọ yọ̀ǹda ọjọ́ 14, ó dúró lórí ₦5,600, ó sì ní kí ilé ìtura ru owó yìnyín. Wọ́n parí rẹ̀ sí ₦5,500, yìnyín di ti ilé ìtura. Akọ̀wé kà á sókè, ó kọ ọ́ sí apá kejì ìwé rẹ̀, ó sì fi àwòrán ojú ìwé náà ránṣẹ́ sí ìhà méjèèjì kí wọ́n tó dìde.