Májèlé mẹ́tánọ́ọ̀lù nínú sódàbì

Mẹ́tánọ́ọ̀lù jẹ́ ohun olómi aláìláwọ̀ tí ó jọ ẹ́tánọ́ọ̀lù, èyí tí ń pa ọ̀mu lọ́tí, tó bẹ́ẹ̀ tí ojú, imú àti ahọ́n kò lè fi ìyàtọ̀ sí wọn nínú ìgò kan náà. Ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀, sódàbì ni ọtí tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ẹmu ọ̀pẹ tí ó ti kan ni wọ́n ń gbé kaná nínú àgbá, tí ooru rẹ̀ ń gba inú páìpù bàbà tí ó la omi tútù kọjá, kí ó tó di ọtí tí ń kán sínú ìgò. Mẹ́tánọ́ọ̀lù díẹ̀ lè wà nínú ohun tí a ń sè, pàápàá bí a bá fi èso sí i. Nítorí pé ó ń hó ní 65°C, tí ẹ́tánọ́ọ̀lù sì ń hó ní 78°C, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú máa ń da èyí tí ó kọ́kọ́ kán nù. Àṣà yìí dára, ṣùgbọ́n kì í kó gbogbo rẹ̀ kúrò. Ibi tí ikú ti ń wọlé jù ni kí ẹnìkan da mẹ́tánọ́ọ̀lù ilé iṣẹ́ mọ́ ọtí kí ó lè pọ̀ sí i, nítorí pé owó rẹ̀ kò wọ́n.

Mẹ́tánọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kọ́ ni ó ń ṣe ibi tó pọ̀ jù. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń sọ ọ́ di ásíìdì fọ́míìkì díẹ̀díẹ̀, ásíìdì yìí sì ni ó ń ba iṣan tí ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ jẹ́, tí ó sì ń sọ ẹ̀jẹ̀ di kíkan. Mílílítà 10 ojúlówó mẹ́tánọ́ọ̀lù lè fọ́ ènìyàn lójú. 30 lè pa á.

Nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ ń sọ ọ́ di ásíìdì ni àmì rẹ̀ fi ń pẹ́ kí ó tó yọ. Ẹni tí ó mu ún ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta lè sùn dáadáa, kí ó jí pẹ̀lú orí fífọ́, òòyì àti èébì, kí ó sì máa rò pé ọtí àná ni kò tíì dá lójú òun. Ní ọ̀sán, inú á máa run ún, ojú rẹ̀ á ṣú bí ẹni tí ó wà nínú kùrukùru ọyẹ́, ìmọ́lẹ̀ á máa ta á lójú, yóò sì máa mí kíákíá láìsáré. Wákàtí 12 sí 24 ni èyí sábà máa ń gbà, ó sì lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹ́tánọ́ọ̀lù bá pọ̀ nínú ọtí náà, nítorí pé ẹ̀dọ̀ á kọ́kọ́ dojú kọ ẹ́tánọ́ọ̀lù. Ojú tí ó ṣú lẹ́yìn ọtí kì í ṣe ohun tí a ń fi oorun wò.

Ní Òde-Ìrèlé, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní Nàìjíríà, ní oṣù Épírélì 2015, ojú ṣíṣú, orí fífọ́ àti dídákú ni a rí lára àwọn tí ó kú. Àwọn kan sọ pé ìbínú òrìṣà ni, àwọn mìíràn fura sí oògùn apakoríko, kí àyẹ̀wò tó fi hàn pé mẹ́tánọ́ọ̀lù inú ògógóró ni.

Àwọn kan máa ń fi iná sí ọtí láti mọ̀ bóyá mẹ́tánọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí kò fi nǹkan kan hàn ní àrídájú. Ní ilé ìwòsàn, dókítà lè fún aláìsàn ní oògùn tí a ń pè ní fomẹpisóòlù, tàbí ẹ́tánọ́ọ̀lù tí a wọ̀n, láti dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ kí ó má baà sọ mẹ́tánọ́ọ̀lù di ásíìdì, kí ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ sì kó májèlé náà jáde. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọtí wo ara rẹ̀ nílé. Gbogbo àwọn tí ó jọ mu nínú ìgò kan náà ni kí wọ́n lọ fún àyẹ̀wò, bí ara wọn tilẹ̀ le, kí wọ́n sì gbé ìyókù ọtí náà dání.