Ara Ọmọ Jòjòló Gbóná, Ti Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀ Náà Gbóná: Èwo La Ó Kọ́kọ́ Gbé Lọ Sílé Ìwòsàn?

Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ní Yemetu, ní Ìbàdàn, ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún kan wà níbẹ̀ tí ara rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tí wọ́n fi tẹmómítà sí i lábíyá, ó jẹ́ 38.1°C. Kò sunkún púpọ̀. Oorun ló ń sùn ṣáá, ọyàn tó sì máa ń mu títí yóò fi yó, díẹ̀ ló mu kó tó tún sùn lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ọdún méjì, ń ké tantan, ara tirẹ̀ sì gbóná dé 39.4°C, ṣùgbọ́n ó ń gba omi mu, ó sì ń bínú pé wọ́n gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ òun. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo ilé yóò máa sáré yí ká. Bí wọ́n bá bi mí, àbúrò ni n óò ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde, kí wọ́n má sì dúró títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ìdí rẹ̀ ni pé ara ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta kò tíì lágbára láti há kòkòrò àrùn mọ́ ojú kan. Kòkòrò tí ì bá dúró sínú àpò ìtọ̀ tàbí ní ìdodo lè wọ inú ẹ̀jẹ̀, kó sì ti ibẹ̀ dé awọ tó bo ọpọlọ, èyí tí a mọ̀ sí àrùn yírùnyírùn. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé ọmọ náà kì í ní àmì púpọ̀ tí yóò fi hàn wá. Àgbàlagbà yóò ní orí ń fọ́ òun, ọmọ ọdún méjì yóò fọwọ́ di etí tó ń dùn ún, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ọmọ jòjòló lè ṣe kò ju pé kí ara rẹ̀ gbóná tàbí kí ó kọ ọyàn. Nígbà mìíràn, ìgbóná nìkan ni a óò rí, tí ọmọ náà yóò sì dà bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Nítorí náà, bí tẹmómítà bá ti ka 38°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọmọ tí kò tó oṣù mẹ́ta, ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń gba ọmọdé dúró ni ó yẹ kí ó wà lọ́jọ́ náà gan-an, ìbáà jẹ́ òru. Ní Ìbàdàn, irú UCH tàbí Adéọ̀yọ́ ni mo ń sọ, kì í ṣe ilé kẹ́míìsì.

Bí ó bá jẹ́ láàárín 37.5°C sí 37.9°C ní abíyá, ẹ tú aṣọ òtútù àti fìlà tó wà lára ọmọ náà, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ tún un wọ̀n, nítorí ooru oṣù kẹta wa àti aṣọ mẹ́ta tí ìyá àgbà wé mọ́ ọmọ lè gbé ìwọ̀n náà sókè. Bí kò bá wálẹ̀, ẹ máa lọ. Ara tó tutù ju bó ṣe yẹ lọ, tí kò tó 35.5°C, léwu fún irú ọmọ yìí gẹ́gẹ́ bí ara gbígbóná ṣe léwu. Bákan náà, bí ọmọ kò bá lè mu ọyàn, tí ó ń kérora bó ti ń mí, tí èémí rẹ̀ dé ọgọ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú kan gbáko, tí gìrì mú un, tàbí tí àwùjẹ̀ rẹ̀ wú sókè nígbà tí kò sunkún, ẹ má ṣe wo tẹmómítà mọ́ rárá, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ má fún ọmọ jòjòló náà ní parasitámọ́ọ̀ kí dókítà tó rí i. Yóò mú ìgbóná wálẹ̀ lóòótọ́, ọkàn yóò sì balẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n kòkòrò náà ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Àgbo kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má sì sọ pé eyín ló fẹ́ yọ, nítorí eyín kì í sábà yọ kí ọmọ tó pé bí oṣù mẹ́fà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni di ìgbóná tó dé 38°C rù ú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lè mú ara ọmọ gbóná láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Ẹ mú káàdì rẹ̀ dání, kí ẹ sọ ọjọ́ tí ó gbà á, ṣùgbọ́n dókítà ni kí ó sọ pé abẹ́rẹ́ náà ló fà á. Kí ìyá máa fún un lọ́yàn lójú ọ̀nà bí ó bá ń gbà á.

Nílé ìwòsàn, wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀, wọ́n sì lè ní kí àwọn gba omi inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ bàbá ti ń gbé ọmọ wọn padà sílé, nítorí wọ́n gbọ́ pé ọmọ yóò rọ. Abẹ́rẹ́ náà máa ń wọlé nísàlẹ̀ ibi tí okùn ẹ̀yìn ti parí, omi díẹ̀ ni wọ́n sì ń gbà. Láìsí i, ó ṣòro láti mọ̀ bóyá yírùnyírùn ni, tàbí ọjọ́ mélòó ni ìtọ́jú yóò gbà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gbìn lè gba ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí èsì tó jáde, nítorí náà wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ apakòkòrò kí wọ́n tó mọ orúkọ kòkòrò náà. Ìṣọ́ra ni èyí.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n. Fún ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta, ìṣesí ọmọ ṣe pàtàkì ju nọ́ńbà tó wà lójú tẹmómítà lọ. Bí ó bá ń mu omi, tí ó ń tọ̀, tí ó sì ń ṣeré díẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ bá rọlẹ̀, àyè wà láti tọ́jú rẹ̀ nílé nígbà tí ẹ bá ń ṣètò àyẹ̀wò ibà. Ìwúwo rẹ̀ ni a fi ń ṣírò parasitámọ́ọ̀: míligíráàmù 10 sí 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ wa yìí bá wúwo tó kílò 12, 120 sí 180 ni. Nínú olómi tí a kọ 120mg/5ml sí lára, èyí jẹ́ mílílítà 5 sí 7.5. Ó lè tún un lò lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, kò sì gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24. Ẹ ka ara ìgò náà dáadáa, nítorí èyí tí wọ́n ń kán sí ẹnu àwọn ìkókó le ju olómi yìí lọ lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣíbí ọbẹ̀ kò sì ṣeé fi wọn oògùn. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti tó. Ẹ má wẹ̀ ẹ́ lómi yìnyín.

Ní Ìbàdàn, kò yẹ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣú kí ẹ tó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láti mọ̀ bóyá ibà ẹ̀fọn ni. Bí ó bá jẹ́ òun, kí ọmọ lo oògùn ọjọ́ mẹ́ta náà tán, kódà bí ara rẹ̀ bá ti yá lọ́jọ́ kejì. Bí kì í bá ṣe òun, ẹ má lo oògùn ibà lórí àbá.

Gbogbo rẹ̀ yí padà bí ọmọ náà kò bá lè mumi, tí ó ń bì gbogbo ohun tó mu, tí kò ṣeé jí dáadáa, tí ọrùn rẹ̀ le, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun, tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, tàbí tí ó ń mí tó ogójì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan tí ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ilé ìwòsàn ni nígbà náà, láìdúró. Ẹ tún gbé e lọ bí ìgbóná bá ti lé ní ọjọ́ mẹ́ta. Bí gìrì bá mú un, ẹ dá a dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ wo aago, ẹ má fi ṣíbí, ìka tàbí àgbo sí i lẹ́nu, ẹ má sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ iná. Bí ó bá tilẹ̀ dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ẹ gbé e lọ, nítorí ibà líle àti yírùnyírùn náà máa ń bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ gbé e sínú ọkọ̀ bó ti ń ṣe é lọ́wọ́.