Àṣìṣe ìrọ̀mọ́ nínú ìdánwò pípín káàdì

Àṣìṣe ìrọ̀mọ́ ni kí ènìyàn ṣì máa tẹ̀lé òfin àtijọ́ lẹ́yìn tí òfin náà ti yí, tí kò sì tọ̀nà mọ́. Òun ni wọ́n máa ń wò jù nínú Ìdánwò Pípín Káàdì ti Wisconsin, tí David Grant àti Esta Berg gbé jáde ní 1948.

Káàdì mẹ́rin ló máa ń wà nílẹ̀: onígun mẹ́ta pupa kan, ìràwọ̀ aláwọ̀ ewé méjì, àgbélébùú aláwọ̀ yẹ́lò mẹ́ta àti òbìrìkítí aláwọ̀ búlúù mẹ́rin. Ẹni tí wọ́n ń dán wò yóò máa to àwọn káàdì mìíràn sábẹ́ wọn, ó sì lè to tó 128. Wọn kì í sọ òfin fún un. Bóyá ó gbà á tàbí kò gbà á nìkan ni yóò máa gbọ́. Àwọ̀ ni òfin àkọ́kọ́. Tó bá gba mẹ́wàá léraléra, òfin á yí sí ìrísí láìsí ìkìlọ̀.

Ká ní òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìrísí, tí ẹni náà sì to káàdì márùn-ún tó tẹ̀ lé e sábẹ́ onígun mẹ́ta pupa. Àkọ́kọ́ ní òbìrìkítí pupa mẹ́ta. Àwọ̀ nìkan ló fi bá ti ilẹ̀ mu, nítorí náà àṣìṣe ìrọ̀mọ́ ni, kò sí àríyànjiyàn. Ìkejì, ìràwọ̀ pupa kan, bá a mu ní àwọ̀ àti ní iye. A kò lè mọ èyí tó ń tẹ̀ lé. Ìkẹta, àgbélébùú pupa mẹ́rin, tún jẹ́ ti àwọ̀ nìkan. Nítorí pé ìkejì wà láàárín méjì tó dájú, wọ́n á kà á mọ́ wọn. Ìkẹrin ni onígun mẹ́ta pupa méjì: ó tọ̀nà, nítorí ìrísí rẹ̀ bá a mu, àmọ́ àwọ̀ rẹ̀ náà bá a mu. Ìkarùn-ún, òbìrìkítí pupa méjì, tún jẹ́ ti àwọ̀ nìkan, ó sì fi ìkẹrin sáàárín. Nítorí náà, ìdáhùn ìrọ̀mọ́, ìyẹn gbogbo ìdáhùn tí wọ́n kà sí ti òfin àtijọ́, jẹ́ márùn-ún, àṣìṣe ìrọ̀mọ́ sì jẹ́ mẹ́rin, torí pé ìkẹrin tọ̀nà. Ibí ni ọ̀pọ̀ tó ń ṣírò rẹ̀ ti máa ń kọsẹ̀.

Ní 1963, Brenda Milner fi hàn pé àwọn tí wọ́n ti gé lára iwájú ọpọlọ wọn máa ń rọ̀ mọ́ òfin àtijọ́ ju àwọn tí wọ́n gé apá mìíràn lára ọpọlọ wọn lọ. Síbẹ̀, iye àṣìṣe yìí nìkan kò tó láti sọ pé iwájú ọpọlọ ẹnìkan ti bàjẹ́. Ìpalára níbòmíràn lè fà á. Ọjọ́ orí àti ìwọ̀n ẹ̀kọ́ náà máa ń yí iye rẹ̀ padà, ẹni tí kò sì rí àwọ̀ dáadáa lè kùnà lásán.

Ìdánwò àwọ̀ àti ọ̀rọ̀ tí J. R. Stroop gbé jáde ní 1935 yàtọ̀. Níbẹ̀, wọ́n lè fi tàdáwà búlúù kọ "pupa", kí wọ́n ní kí ènìyàn dárúkọ àwọ̀ tàdáwà náà. Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ náà ṣàṣìṣe, àmọ́ kì í ṣe ìrọ̀mọ́, torí òfin kò yí. Àṣà ìwé kíkà ni kò lè kó níjàánu. Ìdí nìyí tí ẹnìkan fi lè ṣe dáadáa nínú ọ̀kan kó sì kùnà nínú ìkejì.