Bí a ṣe mọ ohun tó ń bá ẹnu ẹ̀fọn wọlé

Ní 1877, nílùú Amoy ní Ṣáínà, dókítà Patrick Manson jẹ́ kí ẹ̀fọn mu ẹ̀jẹ̀ olùtọ́jú ọgbà rẹ̀, ẹni tí aran tó ń fa jàbùtẹ̀ wà lára rẹ̀. Nígbà tó la àwọn ẹ̀fọn náà wò, ó bá ọmọ aran tó ń dàgbà nínú wọn. Ibì kan ló ti ṣìnà: ó gbà pé ẹ̀fọn á kú sínú omi, pé ẹni tó bá mu omi náà ló ń kó aran. Ọdún mẹ́tàlélógún kọjá kí wọ́n tó yẹ ẹnu ẹ̀fọn fúnra rẹ̀ wò.

Ẹnu tata ló máa jẹ́ kó yé wa. Tata ní ètè òkè, eyín méjì-méjì tó ń gé ewé láti ẹ̀gbẹ́, ahọ́n, àti ètè ìsàlẹ̀. Àwọn náà ni ẹ̀fọn ní, àfi pé tirẹ̀ ti tín-ín-rín, ó gùn, ó di abẹ́rẹ́ mẹ́fà, ètè ìsàlẹ̀ sì di àkọ̀ tó bò wọ́n. Bí abo ẹ̀fọn bá ń jẹni, abẹ́rẹ́ nìkan ló ń wọlé. Àkọ̀ á ká kò síta lórí awọ. Ètè òkè ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà gòkè, inú ahọ́n sì ni itọ́ ń gbà sọ̀kalẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì.

Ọ̀nà itọ́ yìí ni ibà ń gbà. Ní 1898, ní Kàlìkọ́tà nílẹ̀ Íńdíà, dókítà Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ẹṣẹ́ itọ́ ẹ̀fọn tó ti mu ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ aláìsàn. Àwọn èèyàn máa ń bi mí bóyá ẹ̀fọn lè kó kòkòrò éèdì ranni. Rárá o: ẹ̀jẹ̀ tó ti fà kì í gba ọ̀nà itọ́ padà, kòkòrò éèdì kì í sì í dàgbà nínú ẹ̀fọn.

Aran jàbùtẹ̀ ní tirẹ̀ tóbi ju ihò itọ́ lọ. Ní 1900, dókítà George Low gé ẹ̀fọn tí dókítà Thomas Bancroft fi ránṣẹ́ láti Ọsirélíà sí wẹ́wẹ́, ó sì bá aran nínú àkọ̀. Nígbà tí ẹ̀fọn bá ń jẹni, aran á já ẹnu àkọ̀ jáde, á bọ́ sórí awọ, á sì wá ojú ihò tí abẹ́rẹ́ lu kó tó gbẹ. Ọ̀pọ̀ ló ń kú sójú ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀fọn kan fi lè kó ibà ràn ọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n tí jàbùtẹ̀ fi ń gba kí ẹ̀fọn jẹni léraléra fún oṣù púpọ̀. Nílẹ̀ wa, irú ẹ̀fọn kan náà tó ń gbé ibà ló sábà máa ń gbé aran yìí.

Eṣinṣin ilé kò ní abẹ́rẹ́ rárá. Ètè ìsàlẹ̀ tirẹ̀ fẹ̀ bíi fóòmù: á pọ itọ́ sórí ṣúgà, á sì fà á mu. Ó ń kó kòkòrò ìgbẹ́ ọ̀rìn láti ṣáláńgá sórí oúnjẹ, lẹ́sẹ̀ àti nínú èébì rẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n aran jàbùtẹ̀ inú ẹ̀fọn kò yá bẹ́ẹ̀: ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dàgbà fún bí ọjọ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dé àkọ̀.