Igba Obì àbí Igbá Obì? Ibi Tó Yẹ Kí Ẹ Ti Dẹ́kun Ìméfò Nínú Lẹ́tà Àtijọ́

Ẹni tó bá ń da lẹ́tà àwọn bàbá àgbà kọ sínú ìwé tuntun yóò bá irú ìlà yìí pàdé bó pẹ́ bó yá: "Mo fi igba obi ranse si nyin." Àkọtọ́ àtijọ́ ni, ó ṣáájú èyí tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, ìdí nìyẹn tí akọ̀wé fi kọ "nyin" dípò "yín". Kò fi àmì ohùn sí i, kò sì fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà kankan. Ẹ jẹ́ ká wá gbà pé omi ti kán sórí ọ̀rọ̀ kẹta, tó jẹ́ pé i, ìrù lẹ́tà kan, òpó lẹ́tà kan àti nǹkan roboto kan ló kù níbẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ má tíì ka gbólóhùn náà. Ẹ fi bébà funfun méjì bo apá ọ̀tún àti apá òsì, kí ọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn nìkan ṣẹ́ kù, kí ẹ wá kọ ohun tí gègé fà sílẹ̀. Bí ojú bá ti kọ́kọ́ rí "obi", ọkàn ti yan ọ̀rọ̀ kó tó wo yíǹkì rárá, gbogbo àbàwọ́n ni yóò sì máa jọ ohun tó ti yàn. Ẹ gbé iná sí ẹ̀gbẹ́ bébà, kó tàn wá láti ẹ̀gbẹ́ dípò òkè, nítorí gègé onírin máa ń tẹ bébà wọnú díẹ̀, ojú ipa náà sì lè hàn níbi tí yíǹkì ti ṣí kúrò. Ẹ yí bébà padà pẹ̀lú: ohun tó jọ àmì lábẹ́ lẹ́tà lè jẹ́ yíǹkì tó là kọjá láti ẹ̀yìn.

Nínú àpẹẹrẹ wa, lẹ́tà kejì ní ìrù tó tẹ̀ sí òsì nísàlẹ̀ ìlà. Ó lè jẹ́ g, j tàbí y. Lẹ́tà kẹta ní òpó gíga àti ikùn, b ni. Èdè fúnra rẹ̀ ló máa dá ẹjọ́ yìí: nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, g nìkan ni Yorùbá gbà kó ṣáájú b. Irú ẹ̀rí báyìí lágbára, torí kò béèrè ohun tí akọ̀wé ń rò. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ìlú tí lẹ́tà ti wá o. Òfin pé ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í fi u bẹ̀rẹ̀ kò de ọmọ Èkìtì tó kọ "ule" fún ilé.

Ó ku lẹ́tà ìkẹyìn: a ni tàbí o? Ẹ wá a mẹ́ta àti o mẹ́ta tó dájú nínú lẹ́tà kan náà, kí ó jẹ́ èyí tó wà ní ìparí ọ̀rọ̀, nítorí bí ọwọ́ ṣe ń jáde kúrò nínú ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí bó ṣe ń kọjá láàárín rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣì jọra, a ní "igba" tàbí "igbo". Ibí ni a ti lè ṣí bébà tí a fi bo ìlà náà, kí a gba ọ̀rọ̀ tó yí i ká láyè. Igbó obì kò ṣeé fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, "igba" ni.

Iṣẹ́ tí àyíká ọ̀rọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí nìyẹn: ó yan ọ̀kan nínú ohun tí yíǹkì gbà. Kò láṣẹ láti dá ipa gègé tí kò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ti kọjá ààlà, ẹ ṣe bí ẹni pé ikán ti jẹ ọ̀rọ̀ náà tán: "Mo fi … obi ranse." Àpò lè wọ ibẹ̀, agbọ̀n lè wọ ibẹ̀, ogún náà lè wọ ibẹ̀. Àyíká kò lágbára púpọ̀, yíǹkì ló ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹsẹ Bíbélì ni akọ̀wé ń dà kọ, ẹ lè mọ ọ̀rọ̀ tí ikán jẹ láìrí ẹyọ lẹ́tà kan. Ẹ kọ ọ́, àmọ́ inú àkámọ́ ni kó wà, torí ẹ̀yin lẹ fi sí i. Ẹ kò kà á.

Ìṣòro gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ìgbà, igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ àti ìgbá tí a ń jẹ kò bá gbólóhùn náà mu. Igba tí í ṣe 200 bá a mu, igbá náà bá a mu, gírámà sì gba méjèèjì. Bó bá kọ "igba obi kan", igbá ni. Bí lẹ́tà èsì bá wà tó ní obì mẹ́rin dín nínú iye tí a kà, 200 ni. Ọwọ́ kan náà nínú lẹ́tà kan náà ni ẹlẹ́rìí tó ga jù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn lẹ́tà mìíràn tí òun náà kọ, kí ó tó kan ìwé ẹlòmíràn. Àṣà ló gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá sọ pé inú igbá ni wọ́n máa ń gbé obì ìgbéyàwó sí, òótọ́ ló sọ nípa ìgbéyàwó, kò tíì sọ nǹkan kan nípa lẹ́tà yìí. Bí kò bá sí ẹ̀rí mìíràn, ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ kọ "igba" láìfi àmì ohùn sí i, kí ẹ sì kọ ìtumọ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́. Àmì ohùn tí ẹ bá fi sórí rẹ̀ ti di ìméfò, bó tilẹ̀ jọ àtúnṣe lásán.

Fún àmì ìsàlẹ̀, ẹ ka iye rẹ̀. Bí "oko" bá wà níbẹ̀ láìní àmì, ẹ wá ọ̀rọ̀ 20 tí ọ wà nínú wọn láìsí àríyànjiyàn. Bí akọ̀wé bá fi àmì sí 18, àìsí àmì lábẹ́ "oko" jẹ́ ẹ̀rí pé ilẹ̀ oko ló ń sọ. Bó bá jẹ́ mẹ́rin péré ló fi sí, kò sọ nǹkan kan: ó lè jẹ́ ọkọ̀, ó lè jẹ́ ọkọ́, ó sì lè jẹ́ ọkọ ìyàwó.

Orúkọ ènìyàn àti iye owó le jù. Àyíká kò mọ̀ bóyá Adéwálé tàbí Adéwọlé ló ra ilẹ̀. Méjèèjì lè ra ilẹ̀. Pé Adéwálé kan wà nínú ẹbí yín kò sọ o di a. Níbí, gègé nìkan ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ìméfò tó ń jẹ́rìí fún ìméfò. Bí ẹ bá ti gbà pé 200 ni, àbàwọ́n ìlà tó tẹ̀ lé e á bẹ̀rẹ̀ sí í jọ "oja", torí ẹ ti sọ ọ́ di lẹ́tà oníṣòwò. Ẹ fi pẹ́ńsù pupa kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò dájú, kí ẹ má sì pe ọ̀rọ̀ pupa kankan láti gbe pupa mìíràn. Bí ẹ bá ti wò ó ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láìrí ipa gègé tuntun kan, tí ẹnìkejì tí ẹ kò sọ èrò yín fún sì ka nǹkan mìíràn, ó ti tó.

Àwọn tó ń ka ìwé Gíríìkì àti Látìn àtijọ́ ní ìlànà tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ní ìlú Leiden ní Netherlands ní 1931: wọ́n máa ń fi àmì roboto kékeré kan sí abẹ́ lẹ́tà tí kò dájú. Ẹ má gbà á wọ Yorùbá o, torí o tí kò dájú á di ọ lójú ẹsẹ̀. Àmì ìbéèrè nínú àkámọ́ ló yẹ wá, báyìí:

Mo fi igba[?] obi ranse si nyin.
(Lẹ́tà g dájú nípa ìlànà èdè, a tàbí o, àyíká ló yan a. Ìtumọ̀: 200, tàbí igbá.)