Ojú Kú, Ohùn Ò Kú: Bí Tẹlifíṣọ̀n Ṣe Di Rédíò

Ẹni tó bá lo tẹlifíṣọ̀n onígò rí, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ bí ẹni pọnmọ, á rántí pé kò sí bọ́tìnnì tó ń pa àwòrán kó sì fi ohùn sílẹ̀. Inú ẹ̀rọ náà ló fà á. Ìgò tó ń gbé àwòrán jáde nílò iná tó le, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólítì, tiransifọ́mà kan ló sì ń pèsè rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ìgbà náà, ara tiransifọ́mà yìí kan náà ni apá tó ń gbé ohùn jáde ti ń gba iná tirẹ̀. Bí o bá pa àwòrán, o ti pa ohùn mọ́ ọn. Àwọn mìíràn a máa yí ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ títí ojú rẹ̀ á fi dúdú. Ìyẹn dín iná kù díẹ̀, àmọ́ inú ìgò náà ṣì ń gbóná.

Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ló tú ìdè yẹn. Ojú LCD, irú èyí tó wà lára ọ̀pọ̀ wọn, kò ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Bí aṣọ fèrèsé ló rí, ó ń ṣí, ó ń padé, ìmọ́lẹ̀ sì ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ wá: gílóòbù tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà kan, iná LED wínníwínní lónìí. Iná ẹ̀yìn yìí ló sábà máa ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú iná tí tẹlifíṣọ̀n ń jẹ, a sì lè pa á láìfọwọ́ kan ohùn. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe tẹlifíṣọ̀n ti rí ọ̀nà fi pípa iná ẹ̀yìn sínú ètò tẹlifíṣọ̀n, èyí tí a ń fi rìmóòtù ṣí. Lórí àwọn kan, `Picture Off` lo máa rí, lórí àwọn mìíràn `Screen Off`, ó sì sábà máa ń wà níbi ètò ìdín-iná-kù.

Kí wá ni èèyàn fẹ́ gbọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n tí ojú rẹ̀ ti kú? Rédíò ti ń bá tẹlifíṣọ̀n wọlé kí íńtánẹ́ẹ̀tì tó dé inú rẹ̀. Nígbà tí Freeview, ètò tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́, bẹ̀rẹ̀ ní Bìrìtéènì lọ́dún 2002, iléeṣẹ́ rédíò wà láàárín àwọn ìkànnì rẹ̀. Orin á máa lọ, ìmọ́lẹ̀ á sì máa tàn lásán. Ní ti rédíò orí íńtánẹ́ẹ̀tì, WXYC, rédíò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Chapel Hill, Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé ètò wọn sórí rẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 1994. Kọ̀ǹpútà nìkan ló lè gbọ́ ọ nígbà náà. Ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ íńtánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ni ọ̀nà méjèèjì wá pàdé.

Ká ní tẹlifíṣọ̀n kan ń jẹ 90 wáàtì bí ojú rẹ̀ bá là, tó sì ń jẹ 20 bó bá kú. Bí o bá fi gbọ́ orin fún wákàtí 5 lóòjọ́, ohun tó kù sápò rẹ lóṣù kan jẹ́ yúníìtì 10.5. Dẹ́tà ńkọ́? Rédíò tó ń wá ní 128 kílóbíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan á jẹ nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 58 ní wákàtí kan. Àmọ́ ká sọ òótọ́: rédíò kékeré tó ń lo bátìrì ṣì ń jẹ iná kéré ju ìwọ̀nyí lọ. Ohùn ńlá tẹlifíṣọ̀n ni èèyàn ń tẹ̀ lé.

Èmi náà ti ṣìnà nípa pípa ojú tẹlifíṣọ̀n rí. Mo fi àwòrán dúdú sójú tẹlifíṣọ̀n mi, mo ní mo ti dín iná kù. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pa gílóòbù yàrá, tí mo sì rí i tí ojú rẹ̀ ń tàn féérú bí eérú. Iná ẹ̀yìn kò kú rárá, aṣọ fèrèsé nìkan ni mo pa dé. Tẹlifíṣọ̀n OLED lọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀ fún, torí ojú rẹ̀ ló ń tan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀: ibi tó bá dúdú ti kú nìyẹn.

Wàhálà tó kù ni pé orin á kàn dákẹ́ lójijì. Òfin Yúróòpù 642/2009, tó wà títí di ọdún 2021, ló fi lélẹ̀ pé kí tẹlifíṣọ̀n lọ sùn fúnra rẹ̀ bí wákàtí 4 bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò tẹ nǹkan kan. Ẹ̀rọ náà kò mọ̀ pé o ń gbọ́ orin, ó rò pé o ti sùn. Bí tìrẹ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, fi rìmóòtù wá ètò tó ń mú kí tẹlifíṣọ̀n kú fúnra rẹ̀ kí o pa á, tàbí kí o máa tẹ ohùn sókè lẹ́ẹ̀kan kí wákàtí 4 tó pé. Lórí ọ̀pọ̀, bọ́tìnnì ohùn kì í jí ojú rẹ̀, èyí tó kù ló máa ń jí i.