Nọ́ńbà tó wà lára ṣíbí kíríátììnì kì í ṣe gíráàmù o

Inú ike kíríátììnì, ìyẹ̀fun táwọn tó ń ṣe eré ìmárale máa ń lò, ni ṣíbí rẹ̀ máa ń wà, ó sábà máa ń rì sínú ìyẹ̀fun débi pé èèyàn á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ kó tó rí i, wọ́n á sì ti kọ nǹkan bíi 10cc tàbí 10ml sára ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an làwọn èèyàn ti ń ṣì í, wọ́n á ní ṣebí gíráàmù mẹ́wàá nìyẹn, ẹ jẹ́ ká bu ìdajì kó lè jẹ́ márùn-ún. Rárá o. Ìkan náà ni cc àti ml, bí inú ṣíbí ṣe fẹ̀ tó ni wọ́n ń sọ, wọn ò sọ̀rọ̀ ìwúwo rárá. Ṣé ẹni tó ń lọ ọjà ò mọ̀ pé kóńgò gàrí àti kóńgò ẹ̀wà ò lè wúwo bákan náà ni, bẹ́ẹ̀ kóńgò kan náà ni ìyá ọlọ́jà fi wọ̀n ọ́n, ká má tíì sọ èyí tó bá gbọ̀n tàbí tó bá bù lé lórí. Ìyẹ̀fun kíríátììnì fúyẹ́, afẹ́fẹ́ wà láàárín ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ṣíbí 10cc fi lè gba bíi gíráàmù márùn-ún péré.

Ẹ̀yìn ike ni gíráàmù wà, níbi tí wọ́n kọ sẹ́fíìnì sáìsì, ìyẹn ìwọ̀n téèyàn máa lò lẹ́ẹ̀kan, sí: ṣíbí 1, lẹ́yìn náà 5 g nínú àkámọ́. Inú àkámọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ wò. Tó bá jẹ́ ṣíbí 2 ni wọ́n kọ, ẹ pín in sí méjì. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi adùn sí ni, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ibẹ̀, torí sẹ́fíìnì sáìsì lè jẹ́ 8 g, kí kíríátììnì inú ẹ̀ sì jẹ́ 5 g, adùn àti àwọ̀ ló kó 3 g tó kù. Ẹni tó bá fẹ́ 3 g kíríátììnì nínú irú ẹ̀, 4.8 g ìyẹ̀fun ló máa wọ̀n.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọn ò kọ gíráàmù sára ṣíbí yẹn. Mo mọ ìdí ẹ̀ ṣá, ṣíbí kan náà lèèyàn lè jù sínú oríṣiríṣi ìyẹ̀fun, gíráàmù á sì máa yàtọ̀, ó dín owó kù fún wọn, àwa tá a rà á la máa wá ṣírò.

Tẹ́ ẹ bá ní síkéèlì kékeré, ẹ má wọn ṣíbí kan ṣoṣo, torí síkéèlì ilé ìdáná kì í mọ nǹkan tó kéré bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ẹ bu ṣíbí mẹ́wàá, ẹ fi ọ̀bẹ gé orí ẹ̀ kó tẹ́jú, ẹ wá pín ohun tẹ́ ẹ rí sí mẹ́wàá. Ká ní 57 g ló gbé wá, 5.7 g ni ṣíbí kan nìyẹn, ike 300 g tí wọ́n ní ó máa jẹ́ ìgbà 60 á tán ní bíi ìgbà 52, kò sẹ́ni tó jí i bù.